«Ìnáwó ìkẹyìn» àti «àbájáde» nínú ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́

Olùtumọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ mẹ́rin fún àwọn ará ìlú. Mo kọ «ìnáwó ìkẹyìn» àti «àbájáde». Ṣé wọ́n dúró?

Ọmọ Òṣogbo: Ẹni tó bá gbọ́ «ìnáwó ìkẹyìn», owó tí wọ́n san gbẹ̀yìn ni yóò rò. Ẹ kọ «àpapọ̀ owó tí a ná», ọ̀rọ̀ ti tán.

Akọ̀wé Owó: Kò tíì tán o. Ká sọ pé ₦20,000,000 ni àdéhùn agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n sábà máa ń dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dúró títí àkókò àtúnṣe yóò fi pé, kí agbaṣẹ́ṣe lè padà wá tí páìpù bá ń jò. Lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ ìjábọ̀, ₦19,000,000 ló ti jáde ní báńkì. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé òun lẹ ná, ará ìlú á ní ₦1,000,000 ṣẹ́kù, wọ́n á máa béèrè ìpín. Owó olówó sì ni. Ìlà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fà: «owó tí a ti san», «owó tí a ṣì jẹ», «owó tó ṣẹ́kù». Níbí, òfo ni ìlà kẹta.

Àlàbá: Èmi ò fẹ́ «ìparí» rárá. Ilé ìwòsàn kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ parí, kò ní ìlẹ̀kùn títí dòní. Ẹ pè é ní ìjábọ̀ ìpatì.

Agbẹ́kànga: Àlàbá, ìpatì kọ́ ni wọ́n ń bi wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kan «àbájáde». Kànga mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́, iṣẹ́ tí a ṣe nìyẹn. Pé ẹnikẹ́ni kò lọ pọnmi lódò mọ́, òun ni àbájáde. Bí ọ̀kan bá gbẹ ní Fẹ́búárì, iṣẹ́ pé mẹ́rin, àbájáde kò pé. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Lórí ilẹ̀ olókùúta bíi ti Ìbàdàn, inú iyẹ̀pẹ̀ tó jẹrà lórí àpáta àti inú ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń gbé, ó sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Nítorí náà, níbi tí ìjábọ̀ ti ń béèrè «ẹ̀kọ́» tí ẹ rí kọ́, ẹ má kọ «ètò ṣe pàtàkì». Ẹ kọ pé: «A fa omi wò ní Sẹ́tẹ́ńbà nìkan. Nígbà mìíràn, ẹ tún un fà lẹ́ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ wọn ibi tí omi dúró, kẹ́ ẹ tó san owó tí ẹ dá dúró.»

Olùtumọ̀: Mo gba ti àbájáde. Ìlà mẹ́ta náà ńkọ́?

Ọmọ Òṣogbo: Akọ̀wé Owó, ẹ tún «owó tí a ṣì jẹ» kà. Ará ìlú á ní ẹ ti fẹnu ara yín jẹ́wọ́ pé ẹ kó owó jẹ! «Gbèsè tó wà lọ́rùn wa» ni.

Akọ̀wé Owó: Háà! Òótọ́ ni. Àmọ́ «gbèsè» á mú wọn rò pé a yá owó. Mo ṣì fara mọ́ «owó agbaṣẹ́ṣe tí a dá dúró».

Ọmọ Òṣogbo: Wọ́n á bi yín pé ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró.