Kòkó Ìkẹ́rẹ́: ṣé kí n dúró lórí réṣíò?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìṣirò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mo fẹ́ mọ kílò kòkó tí àgbẹ̀ kan ń rí lọ́dún ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo mọ ìwọ̀n oko gbogbo àgbẹ̀ 180 tó wà nínú ìwé: hẹ́kítà 2.5 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Mo fi ìbò mú 20. Oko tiwọn jẹ́ hẹ́kítà 2 ní ìpíndọ́gba, kòkó wọn kílò 600. Oko kéékèèké ni ìbò mú jù, nítorí náà 600 kéré lójú mi. Réṣíò fún mi ní 600 ÷ 2 × 2.5 = 750.

Ìfọ́nká ìwọ̀n oko jẹ́ 0.6 ìpíndọ́gba rẹ̀, ti kòkó 0.5. Kí réṣíò tó lè borí ìpíndọ́gba lásán, ìbátan méjèèjì gbọ́dọ̀ ju 0.6 ÷ (2 × 0.5), ìyẹn 0.6. Tèmi jẹ́ 0.7, ó fi díẹ̀ jù ú.

Ìtẹ̀sí rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ìwọ̀n oko tí a fi ń pín ń yí padà láti ìbò dé ìbò: tó bá kéré, réṣíò a fò sókè ju bó ṣe ń wálẹ̀ nígbà tó bá tóbi. Bí kòkó bá ń bá hẹ́kítà lọ ní ìlà tó gba orí òdo, ìtẹ̀sí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Àmọ́ igi ti gbó nínú àwọn oko ńlá wa, kòkó hẹ́kítà kan níbẹ̀ kéré. Mo ṣírò ìtẹ̀sí náà sí bíi kílò 5 sókè, nígbà tí àṣìṣe ìbò fúnra rẹ̀ tó bíi 70.

Mo tún fa ìlà tí kò gba orí òdo. Ó fún mi ní bíi 688. Pẹ̀lú oko 20 péré, èwo ni kí n gbà, 750 àbí 688? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.