Ẹ gbà mí o, olùkọ́ mi ní abala tí mo tọ́ka sí kò sí nínú òfin

Àbíkẹ́yìn Lágere (Líìdìsì): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀la, aago méjìlá ọ̀sán, ni àròkọ òfin mi gbọ́dọ̀ wọlé, oorun ò sì sí lójú mi. Ẹjọ́ ọkùnrin kan ni wọ́n fún wa. Òjò ló ń sá fún tó fi wọ ilé ìkẹ́rù onílé láìgbàṣẹ, olè ò sí lọ́kàn rẹ̀. Inú ibẹ̀ ló ti rí fóònù, ló bá jí i. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé Theft Act 1968, s 9(b). Olùkọ́ mi fi yíǹkì pupa yí i po: "Kò sí irú abala yìí." Kí ni mo ṣe? Àti pé wọ́n tún abala 9 yẹn ṣe ní 2003, ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́?

Ìyá Ìbejì (Mànṣẹ́sítà): Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. 1 lo fò. Inú (1) ni (a) àti (b) wà. (a) ni ti ẹni tó ti ní èrò ibi lọ́kàn kó tó wọlé. (b) ni ti ẹni tó wọlé tán kó tó jalè, ọkùnrin olójò rẹ nìyẹn. Báyìí ni kó o kọ ọ́:

```
Theft Act 1968, s 9(1)(b).
```

Kọ́mà wà lẹ́yìn 1968, kò sí ṣáájú rẹ̀. Àmì ìdánudúró kì í tẹ̀ lé s. Fi àyè kan sílẹ̀ láàárín s àti 9, ṣùgbọ́n má fi àyè kankan sáàárín 9 àti àwọn àkámọ́. Bẹ́ẹ̀ ni OSCOLA, ìlànà tá a fi ń tọ́ka sí òfin níbí, ṣe fẹ́ ẹ. Ṣí legislation.gov.uk, kó o fi ìka tọ abala náà láti òkè wá sísàlẹ̀ kó o tó kọ ọ́. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo dé. (a) ni mo kọ níbi tó yẹ kí n kọ (b), mo wá fi odindi ojú ìwé méjì jà lórí ohun tó wà lọ́kàn olè kó tó wọlé. 48 ni wọ́n fún mi. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà (Bámíńgámù): Ẹ má bínú, ss 9(1)(b) ló yẹ kó jẹ́. S kan fún abala, èkejì fún ẹ̀ka abala.

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ọmọ ìyá mi. Abala tó ju ẹyọ kan lọ ni ss: Theft Act 1968, ss 1 and 9(1)(b). Sub-s ni ti ẹ̀ka. Tí nọ́ńbà abala bá sì ti ṣáájú, s kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò fagi lé e.

Ìyá Ìbejì: Ojú wọn ni ò tó o.

Alákara (Hiúsìtìn): Àmì § la máa ń lò níbí, bíi 18 U.S.C. § 924(c). Fi sí i, á dùn ún wò.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, Líìdìsì lọmọ yìí wà!

Bàbá Lọ́yà (Iléṣà): Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin ọmọ. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Ìsọ̀kùn ni. Ní kóòtù wa níbí, odindi là ń kọ ọ́: Section 36(6)(b) of the Constitution of the Federal Republic of Nigeria 1999. Kí ni ẹ̀ ń gé ọ̀rọ̀ kúrú fún?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú alẹ́ sà. Tó bá jẹ́ nínú àròkọ gan-an ni, òótọ́ lẹ sọ: section 9(1)(b) of the Theft Act 1968, ní kíkún. Ìsàlẹ̀ ìwé nìkan ni s ń gbé. Tí orúkọ òfin, ọdún àti abala bá sì ti pé nínú gbólóhùn, ìsàlẹ̀ ò nílò nǹkan kan mọ́.

Àbíkẹ́yìn Lágere: Háà! Ibi mẹ́rìnlá ni mo ti kọ méjèèjì pọ̀.

Ọmọ Ẹ̀rẹ̀jà: Ifẹ̀ kúkú ni. Ọ̀dọ̀ yín layé ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá fo 1.

Àbíkẹ́yìn Lágere: Òṣómàáló! S kan ni mo jẹ, ẹ ti fi èlé lé e di méjì.

Bàbá Lọ́yà: 😂 Òjò ń rọ̀ níbí báyìí. Ìyàwó mi ń gúnyán.

Alákara: Bàbá, ẹ ti dá ọgbẹ́ sí mi lára. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti jẹyán Ìjẹ̀ṣà gbẹ̀yìn, elúbọ́ funfun inú páálí la fi ń tan ara wa jẹ níbí.

Àbíkẹ́yìn Lágere: Ẹ jọ̀ọ́, àtúnṣe 2003 yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ gbé fóònù sún mọ́ odó, kẹ́ ẹ ká ohùn rẹ̀ fún wa.