Ìṣẹ́jú-àáyá 11 ló kù fún mi, mo sì pa pọ́ọ̀nù tí kò yẹ kí n pa

Ọmọ Àjílosùn, Adó

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé. A ta ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú 5 níbì kan nínú Adó níbí. Ìṣẹ́jú 5 péré fún oníkálukú, aago kì í fi nǹkan kan kún un bí o bá ta tán. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 11 fún mi àti 19 fún ẹni tí à ń jọ ta, ọba mi wà ní g1, rúùkù mi ní d7, pọ́ọ̀nù mi mẹ́ta ní c2, g2 àti h3. Òun ní ọba ní g6, bíṣọ́ọ̀bù ní e5, pọ́ọ̀nù méjì ní a7 àti g5. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé èmi ni mo lọ́wọ́ òkè.

Ojú mi bọ́ sí pọ́ọ̀nù a7 tí kò ní alábòó. Ọwọ́ mi ti lọ kí ọkàn mi tó lọ. Rúùkù pa á, mo tẹ aago, ni ó bá gbé bíṣọ́ọ̀bù sí d4. Ṣẹ́ẹ̀kì! Bíṣọ́ọ̀bù kan náà ń wo ọba mi lápá kan, ó ń wo rúùkù mi lápá kejì. Mo sá ọba sí h1, ó jẹ rúùkù, n ò tíì mí tán tí àkókò mi fi tán.

Bí àkókò bá ti rí báyìí, kí ni ẹ̀yin máa ń wò kí ẹ tó ta?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi ni pé mo máa ń fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì ṣáá. Ẹni tí wọ́n fún ní ṣẹ́ẹ̀kì ò lè ṣe nǹkan mìíràn, àfi kó gba ọba rẹ̀ là. Òun ló ń ronú, aago tirẹ̀ ló ń jó. Bí mo ṣe gba ọ̀mì lọ́wọ́ àgbà kan ní Fájùyì nìyẹn.

Bàbá Ìfàkì

Ọmọ mi, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ, àmọ́ to pátákó náà síwájú rẹ ná. Ibi méjì péré ni rúùkù d7 ti lè fún ọba g6 ní ṣẹ́ẹ̀kì. Bó bá lọ sí d6, bíṣọ́ọ̀bù e5 á jẹ ẹ́. Bó bá lọ sí g7, ọba fúnra rẹ̀ á jẹ ẹ́. Ṣẹ́ẹ̀kì méjèèjì, rúùkù ló máa ná ọ. Ṣẹ́ẹ̀kì dára bí o bá ti mọ ibi tí ọmọ rẹ máa dúró sí, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè kàn án. Bí o ò bá mọ̀, á jẹ́ pé ò ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ìwọ tó béèrè, wo àwọ̀ ojú tí bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń rìn. Ojú dúdú ni e5, bíṣọ́ọ̀bù yẹn ò sì ní tẹ ojú funfun títí ayé. Wàyí o, ka tìrẹ: d7 funfun, c2 funfun, g2 funfun, h3 funfun. Ọba rẹ ní g1 nìkan ló dúró sí dúdú. Ohun tó kù fún ọ láti ṣe ni kí o gbé ọba sí f1. Bí o bá ti gbé e síbẹ̀ tán, kò sí ohun kankan nínú ilé rẹ tí bíṣọ́ọ̀bù lè fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà, bí o ò bá rí nǹkan ta, ti ọba sí e2, dá a padà sí f1. Ìkọ̀rọ̀ ni ó ń rìn, nítorí náà kò ní kúrò lórí funfun. Rúùkù náà, bí ojú méjì-méjì ni o ń gbé e, lórí funfun ló máa wà. Kò gba ìrònú, ohun tí a sì ń wá nìyẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá 11. Ọba tirẹ̀ nìkan ni kí o máa ṣọ́. Bó bá dé e6, rúùkù d7 ni ó ń bọ̀ wá lé.

Àti pé f1 sún mọ́ aago bí aago bá wà lápá ọ̀tún rẹ. Ọwọ́ tí o fi gbé ọmọ náà ni òfin ní kí o fi tẹ aago. Láti a7 dé ọ̀dọ̀ aago jìnnà.

Ará Ìkọ̀lé

Ẹ má bínú o, èmi rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ìṣòro yín ti wá. Ẹ kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo dáadáa, ẹ ò ní dé ìṣẹ́jú-àáyá 11 láéláé. Èmi kì í lò ju ìṣẹ́jú 1 lọ lórí ìta mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ọmọ Àjílosùn, Adó

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi, àmọ́ mo ti dé 11 ná. Ibẹ̀ ni mò ń béèrè.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo to pátákó náà lórí tábìlì báyìí, mo gbé ọba sí f1, mo wá bíṣọ́ọ̀bù náà kiri. Kò rí nǹkan jẹ lóòótọ́! Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá jẹ́ ẹṣin ló ní?

Bàbá Ìfàkì

Rárá o. Ẹṣin ń pààrọ̀ àwọ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fò. Ṣùgbọ́n òun náà ní àléébù tirẹ̀: bó bá dúró lórí dúdú, ojú funfun nìkan ló lè kàn, bó bá dúró lórí funfun, dúdú nìkan. Nítorí náà, kó ọba sí àwọ̀ kan, kí o fi rúùkù sí àwọ̀ kejì. Ẹṣin ò ní lè kan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Orí fóònù lèmi máa ń ta tèmi, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá sùn. Mo máa ń fi ìta kan sílẹ̀ de ẹnìkejì, kó jẹ́ pé bó bá ti ta tán, tèmi á lọ fúnra rẹ̀. Lórí lichess kì í jẹ nínú àkókò rárá. Ọjọ́ kan mo ní kúìnì, ọba nìkan ló ṣẹ́kù fún ẹnìkejì, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 3. Mo fi ìta kúìnì sílẹ̀ dè é, kúìnì lọ dúró ní ibi tí ọba rẹ̀ ò ti ní ojú kankan láti lọ, kò sì sí lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì. Ọ̀mì! Inú mi bàjẹ́ débi pé n ò sùn. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ní rúùkù kan nílẹ̀, rúùkù ni mo máa ń sọ pọ́ọ̀nù dà, mi ò ṣe kúìnì mọ́. Rúùkù méjì á máa lé e lọ ní ìlà-ìlà, ọkàn mi á balẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó

Ẹ̀yin mà, rúùkù méjì pẹ́ jù fún ìṣẹ́jú-àáyá 3. Kúìnì yára.

Ìyá Ìbejì, Ìjerò

Ó yára dé ọ̀mì, àbúrò mi.

Bàbá Ìfàkì

Kò pẹ́ lórí fóònù bí ó bá fi ìta sílẹ̀, àmọ́ lórí pátákó tí à ń fọwọ́ gbé, ọmọkùnrin yìí lè jàre. N ò ní dá ẹjọ́ yẹn.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí: bí ó bá ku ọba nìkan fún ẹnìkejì, tí àkókò rẹ sì tán, ọ̀mì ni, nítorí ọba nìkan ò lè pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó bá ṣẹ́kù fún un, ó ti borí rẹ nìyẹn. Mo ti fi rúùkù pa pọ́ọ̀nù ìkẹyìn rí, tí ọba rẹ̀ sì jẹ rúùkù náà. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 ló kù fún mi nígbà náà. Àwọn tó ń wòran ní mo ti ya wèrè. Ọ̀mì ni mo gbé lọ sílé, mo sì sùn wọra.

Ọmọ Àjílosùn, Adó

Bàbá, bó bá wá jẹ́ rúùkù ló ní ńkọ́? Rúùkù ń tẹ dúdú, ó ń tẹ funfun.

Bàbá Ìfàkì

Rúùkù le. Mo máa ń fi ọba sẹ́yìn pọ́ọ̀nù mi, mo máa ń fi rúùkù síbi tí pọ́ọ̀nù ti ń ṣọ́ ọ. Ìgbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́. Ìgbà mìíràn rúùkù tirẹ̀ máa ń gba ẹ̀yìn wọlé, á sì máa fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì láti ìsàlẹ̀ títí àkókò á fi tán. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn lórí èyí, kó wí, èmi náà á gbọ́.