Ẹni tó bá ti gbé ìwé ìbéèrè lọ bá èèyàn rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àdùkẹ́ Aláró
Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ti pín ìwé ìbéèrè rí, ibo ló ti dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́? Tèmi rèé.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn ìyá ọjà ṣe ń gba owó tí oníbàárà bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Ọjà Ọba níbí l'Òṣogbo ni mo lọ, ìyá 60 ni mo sì bá sọ̀rọ̀. Mo kọ gbólóhùn 18, mo fi ìdáhùn mẹ́rin síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: mo gbà gan-an, mo gbà, n kò gbà, n kò gbà rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé, èmi àti àbúrò mi là ń tú u sí Yorùbá bí a ṣe ń dé ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Gbólóhùn kẹrin sọ pé ó rọrùn láti gba owó lórí fóònù. Ìkọkànlá sọ pé ó ṣòro. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkejì yẹn síbẹ̀ ni, kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo jókòó kà á nílé, 47 gbà pé ó rọrùn, 41 sì gbà pé ó ṣòro. Ẹ ṣírò ó: 47 àti 41 jẹ́ 88, àwọn ìyá náà kò sì ju 60 lọ. Ó kéré tán, 28 nínú wọn ló gba méjèèjì!

Súpáfáísọ̀ mi ní kí n yọ ìkọkànlá kúrò kí n máa bá tèmi lọ. Ọkàn mi kò gbé e. Mo padà lọ bá ìyá eléèlùbọ́ kan, mo tún kà á sí i létí: "Ó rọrùn láti gba owó lórí fóònù. Ṣé ẹ gbà?" Ó ní, "Mo gbà. Ẹgbẹ̀rún méje ni mo gbà lánàá."

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Yéè! Owó ló ní òun gbà! Ìyá yẹn kò purọ́ kankan.

Kọ́lá Òkè-Fìà
Ohun tó fà á ni pé o kò fi àárín sí i. Irú ìwé "mo gbà, n kò gbà" yìí ni wọ́n ń pè ní Láíkáàtì, èyí tó bá sì jẹ́ gidi, ìdáhùn márùn-ún ló ní. Fi "n kò lè sọ" sí àárín, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kò bá yé yóò bọ́ síbẹ̀, ìyókù á mọ́.

Bísí Alágbo
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni mélòó ló yẹ kí n pín tèmi fún? Mo ti tẹ 200 jáde, ọjà aṣọ ni mo fẹ́ lọ.

Ìyá Olùwádìí
Bísí, dúró ná. Má tíì pín in.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń bá àwọn olùwádìí gbé ìwé káàkiri láti Ìkìrun títí dé Ìwó. Kọ́lá, òótọ́ ni pé márùn-ún ni Rensis Likert lò nígbà tó gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1932. Ṣùgbọ́n àárín kì í ṣe ibi tí à ń da ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé sí. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ òun, kò sì dun òun, àárín ni tirẹ̀. Ẹni tí kò ní fóònù rárá ńkọ́? Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹ bi í ńkọ́? Bí ẹ bá kó gbogbo wọn sójú kan, tí ẹ wá fún wọn ní máàkì àárín, ìyẹn 3 nínú 5, ẹ ti sọ ẹni tí kò dáhùn di ẹni tó dáhùn. Àyè ọ̀tọ̀ ni kí "n kò mọ̀" àti "kò kàn mí" wà, lẹ́bàá, láìní máàkì.

Ní ti Àdùkẹ́, "mo gbà" nìkan kọ́ ló ṣe é. Bó bá jẹ́ "mo fara mọ́ ọn" lo lò, ó ṣì lè rí bẹ́ẹ̀. O jẹ́ ọmọ ilé ìwé, o kúnlẹ̀ kí wọn, o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ fún wọn. Ìyá wo ni yóò wò ọ́ lójú kó ní irọ́ lò ń pa? "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi" ni ìwọ yóò máa gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìwé pẹ̀lú ìdáhùn "mo gbà, n kò gbà" máa ń fa èyí níbi gbogbo láyé, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ wa níbí tún ń bù kún un.

Nọ́ọ̀sì Ọláìyá
Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ yìí kàn mí gan-an. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àwa nọ́ọ̀sì fúnra wa ni wọ́n ní ká bi àwọn aláìsàn pé báwo ni wọ́n ṣe rí ìtọ́jú wa sí. Ẹ fojú inú wò ó. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ọ lábẹ́rẹ́ ni mo di báírò mú. "Màmá, báwo ni ìtọ́jú wa?" "A dúpẹ́." Gbogbo wọn ni: a dúpẹ́, a dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ "a dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn sí ìtọ́jú, ìkíni ni wọ́n ń dá padà. Ìbéèrè tó bá fi "báwo ni" bẹ̀rẹ̀, bí ìkíni ló ṣe ń dún létí àgbà.

Nígbà tó yá, ẹlòmíràn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló wá ń béèrè, wọ́n sì yí i padà sí ohun tó ṣẹlẹ̀: "Aago mélòó lẹ dé? Aago mélòó ni dókítà rí yín?" Ibẹ̀ la ti wá gbọ́ pé ẹni tó dé ní aago méje àárọ̀ kò rí dókítà títí di ọ̀sán.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun
Nọ́ọ̀sì, "a dúpẹ́" yìí pa mí lẹ́rìn-ín. Màmá mi gan-an, bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ ń ro ó, "a dúpẹ́" náà ni.

Délé Àbúrò
Èmi ni àbúrò tó bá Àdùkẹ́ lọ. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Gbólóhùn keje sọ pé "Alẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ dé." Mo kà á, ìyá kan dáhùn kíá pé "Rárá o!" Mo fi àmì sí "n kò gbà rárá". Bí mo ṣe ń lọ ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Kì í pẹ́ rárá, kíákíá ló ń dé." Ṣé ẹ rí i? "Rárá" rẹ̀ ń ti gbólóhùn náà lẹ́yìn ni! N kò mọ iye ẹni tí mo kọ òdìkejì ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àdùkẹ́ Aláró
Délé! O kò sọ èyí fún mi láti ọjọ́ yìí?

Délé Àbúrò
Ẹ má bínú. Mo rò pé ẹyọ kan péré ni.

Ìyá Olùwádìí
Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, Délé. Bí a bá bi Yorùbá pé "Ṣé o kò tíì jẹun?", ẹni tí kò tíì jẹ yóò ní "Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹ." Gbólóhùn la sábà máa ń dá lóhùn, ṣùgbọ́n "rárá" náà lè máa ti "kì í" lẹ́yìn, bíi ti ìyá yẹn. Nítorí náà, bí "kò" tàbí "kì í" bá ti wà nínú gbólóhùn, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" kò ṣe é gbára lé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbólóhùn tó lòdì, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó dúró fúnra rẹ̀. "Ó ṣòro" sàn ju "kò rọrùn" lọ, "ó ń pẹ́" sàn ju "kì í yá" lọ.

Kọ́lá Òkè-Fìà
Ó dáa, mo gba ti àárín yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ló lò, iṣẹ́ kò le. Kó fún "mo gbà gan-an" ní 4, kó máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé 1 fún "n kò gbà rárá", kó wá wá ìpíndọ́gba gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti pé 2.50, wọ́n gbà á. Èyí tí kò bá pé e, wọn kò gbà á. Bí gbogbo wa ṣe ṣe é nìyẹn.

Tíṣà Ìṣirò
Kọ́lá, níbo ni 2.50 ti wá? 4 àti 3 àti 2 àti 1 jẹ́ 10, a pín in sí mẹ́rin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìyá 30 mú 4, ìyá 30 yòókù sì mú 1. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 2.50 géérégé. Ìwọ yóò kọ ọ́ pé "wọ́n gbà". Ta ló gbà? Ọjà ti pín sí méjì, ìwọ sì ń sọ pé ohùn wọn ṣọ̀kan. Kọ iye ẹni tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kí olùkàwé fojú ara rẹ̀ rí i.

Kọ́lá Òkè-Fìà
Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé súpáfáísọ̀ á buwọ́ lù ú? Ìwọ kọ́ lò ń fún mi ní máàkì.

Tíṣà Ìṣirò
Kọ méjèèjì.

Líkáàtì ni wọ́n sì ń pe orúkọ ọkùnrin náà, kì í ṣe Láíkáàtì.

Kọ́lá Òkè-Fìà
Gbogbo olùkọ́ mi ló ń pè é ní Láíkáàtì. Ibẹ̀ ni n ó dúró sí.

Bísí Alágbo
Ìyá Olùwádìí, ẹ ní kí n dúró. Tèmi kò ní "kò" nínú. Ẹ wò ó: "Àwọn oníbàárà fẹ́ràn aṣọ àdìrẹ ìbílẹ̀ tó rẹwà tó sì pẹ́ ju ti ilẹ̀ òkèèrè lọ."

Àdùkẹ́ Aláró
Bísí, èmi náà ṣe irú rẹ̀. Ọmọ aláró ni mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn àdìrẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ ti sọ fún wọn pé ó rẹwà kí wọ́n tó lanu. Rírẹwà àti pípẹ́, ohun méjì ni. Ní tèmi, gbólóhùn kẹsàn-án ni: "Gbígba owó lórí fóònù yá, kò sì léwu." Ìyá alátà kan ní, "Ó yá, àmọ́ alẹ́ẹ̀tì èké ti mú mi rí. Èwo ni kí n dá ọ lóhùn?" N kò mọ ibi tí mo lè fi àmì sí. Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Ìyá Olùwádìí
Ó ṣeun, Àdùkẹ́. Bísí, pín in sí méjì, yọ "tó rẹwà" kúrò. Kí o tó gbé 200 jáde, bá ẹni márùn-ún péré jókòó. Ka ìbéèrè, jẹ́ kí wọ́n dáhùn, kí o wá ní, "Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ tiyín sọ ohun tí mo bi yín." Ẹni márùn-ún yẹn lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ìnáwó ńlá.

Ìyá tí kò kàwé, má ka ìdáhùn mẹ́rin sí i létí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó gbọ́ kẹ́yìn ni yóò mú. Pín in sí ìpele méjì. Àkọ́kọ́: "Ṣé ó rọrùn fún yín ni, àbí ó ṣòro?" Bó bá mú ọ̀kan: "Ṣé ó pọ̀ ni, àbí díẹ̀?" Ìdáhùn mẹ́rin náà lo ti rí yẹn, "mo gbà" kò sì wọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan bá ní "méjèèjì ni", kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Baálé Ìjòkò
Gbogbo èyí dáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ fún wọn pé "àbí", ṣé ẹ kì í tọ́ wọn sọ́nà ni? Ìyá mi máa ń mú èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ.

Ìyá Olùwádìí
Ó ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ṣòro" fún ìdajì wọn, "rọrùn" fún ìdajì yòókù. Bí ìdáhùn ìdajì méjèèjì bá jìnnà síra, mo ti mọ̀ pé ètè mi ló ń dáhùn.

Àdùkẹ́ Aláró
Mo ṣe é lánàá pẹ̀lú ìyá márùn-ún. Mẹ́ta ní ó rọrùn, ọ̀kan ní ó ṣòro gan-an. Ìyá eléèlùbọ́ mi ló ṣìkarùn-ún. Ó ní, "Gbígbà rẹ̀ rọrùn. Rírí i gbà ní báǹkì ló ṣòro." Mo ti wá rí i báyìí pé ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú àwọn 28 yẹn máa sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì. N kò mọ iye wọn, ìwé tí mo fi bi wọ́n kò sì lè sọ ọ́ fún mi.

Délé Àbúrò
Ṣé a tún padà lọ bá gbogbo 60 ni?

Àdùkẹ́ Aláró
Ọjọ́bọ̀. Wọ bàtà tó dáa.