BitLocker ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan láptọ́ọ̀pù, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ni mo wà. Lánàá mo fẹ́ fi fláàṣì tan láptọ́ọ̀pù mi, ó kọ̀, ni mo bá wọ inú BIOS, mo pa Secure Boot. Látìgbà náà, ojú aláwọ̀ búlúù ló ń yọ, tó ń béèrè recovery key. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí iṣẹ́ àṣekágbá mi wà níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rí nọ́ńbà 48 náà nínú àkáǹtì Microsoft mi. Ó ṣí, ṣùgbọ́n bí mo bá tún tan án, yóò tún béèrè.

Ohun tó yé mi ni pé TPM ló di kọ́kọ́rọ́ náà mú, kì í sì í yọ̀ǹda rẹ̀ bí ètò tí ẹ̀rọ fi tan bá ti yàtọ̀ sí èyí tó mọ̀. Secure Boot sì wà lára ètò yẹn. Ṣé bí mo bá dá a padà, ìbéèrè náà yóò dúró? Àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n wá ṣe èyí kí TPM lè gba ètò tuntun náà?

```
manage-bde -protectors -disable C:
manage-bde -protectors -enable C:
```

Mo tún fẹ́ gbé BIOS tuntun sí i. Ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe ìlà àkọ́kọ́ yẹn ná?