Àrìntán àti àrìntán-bọ̀: ọ̀nà ni ká kà ni, àbí ẹnu ọ̀nà?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ń wá: ọ̀kan fún ìrìn tó gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, ìkejì fún irú ìrìn yẹn tó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Báwo sì ni mo ṣe lè sọ ọ́ kí ọmọ fi rí ìdí tí kíka nǹkan ní méjì-méjì fi ń pinnu bóyá ìrìn náà ṣeé ṣe?

Akin: Mo dábàá "àbẹ̀wò-kárí". Ẹni tó fẹ́ dé gbogbo ìlú, tí kò sì fẹ́ tún ẹsẹ̀ gbé dé ìlú kankan, àbẹ̀wò-kárí ló ń ṣe.

Délé: Akin, ọ̀nà ni wọ́n ní kí a má gbà lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ìlú. Èèyàn lè gba oríta kan kọjá lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìrìn yìí, kò burú. Ní tèmi, kí a pe àkọ́kọ́ ní "àrìntán", kí a pe ìkejì ní "àyípo". Òfin rẹ̀ kò sì le: bí iye ọ̀nà tó já sí oríta kọ̀ọ̀kan bá ṣeé pín ní méjì-méjì láìṣẹ́kù, ìrìn wà, bí ti ẹyọ oríta kan bá yàtọ̀, kò sí ìrìn.

Tíṣà Àgbà: Délé, àbúrò mi, "àrìntán" dára púpọ̀, mo fọwọ́ sí i. Àmọ́ òfin tí o kọ yẹn, ìdajì rẹ̀ ló tọ́, ibi tó sì kù sí ló kan ọ̀rọ̀ tí Àdùkẹ́ ń wá.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú Königsberg wà létí odò Pregel. Odò náà yí erékùṣù kan tó ń jẹ́ Kneiphof ká, ó sì pín ìlú sí ilẹ̀ mẹ́rin: erékùṣù yẹn, apá àríwá, apá gúúsù àti apá ìlà-oòrùn. Afárá méje ló so wọ́n pọ̀; ẹ ka ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí oríta, kí ẹ ka afárá sí ọ̀nà. Méjì lọ láti erékùṣù sí àríwá, méjì sí gúúsù, ọ̀kan sí ìlà-oòrùn. Ìlà-oòrùn sì tún ní ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù. Ṣé èèyàn lè gba méjèèje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Euler, onímọ̀ ìṣirò, gbé èsì rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Saint Petersburg lọ́dún 1735: kò ṣeé ṣe.

Bí a bá fẹ́ rí ìdí rẹ̀, ẹ má ka ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kà. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nígbàkígbà tí arìnrìn-àjò bá dé oríta kan tó sì kọjá, ẹnu kan ló gbà wọlé, òmíràn ló gbà jáde. Ẹnu méjì ló tán níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, bí ẹnu oríta kan bá jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, ọ̀kan yóò ṣẹ́kù tí kò ní ẹnìkejì. Ẹnu tó ṣẹ́kù yìí kò wúlò fún ìkọjá; ó lè jẹ́ ẹnu tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹnu tí ó parí sí. Ìrìn kan kò sì ní ju ìbẹ̀rẹ̀ kan àti òpin kan lọ. Kneiphof ní ẹnu márùn-ún, ilẹ̀ mẹ́ta yòókù ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ibi mẹ́rin ló ní ẹnu tó ṣẹ́kù, àyè méjì péré ló sì wà fún wọn.

Délé, ìwọ náà wo ìlú yẹn lóde òní. Kaliningrad ni wọ́n ń pè é báyìí, ní Rọ́ṣíà. Bọ́ǹbù ogun ba afárá méjì jẹ́ lọ́dún 1944, nígbà tó sì yá ìyípadà mìíràn dé bá ojú ọ̀nà. Ẹyọ kan ló kù báyìí láti erékùṣù sí àríwá, ẹyọ kan sí gúúsù. Àríwá àti gúúsù wá ní ẹnu méjì-méjì, erékùṣù àti ìlà-oòrùn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Lójú òfin tìrẹ, kò sí ìrìn. Ṣùgbọ́n gbéra ní erékùṣù lọ sí àríwá, bọ́ sí ìlà-oòrùn, padà sí erékùṣù, sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, kí o parí sí ìlà-oòrùn. Afárá márààrún ti tán. O kàn kò lè padà sílé ni.

Délé: Mo dúpẹ́, Tíṣà. Oríta méjì tó ní ẹnu ṣíṣẹ́kù kò ba àrìntán jẹ́, ìpadàbọ̀ nìkan ló ń dí. Bí ó bá wá jẹ́ ẹyọ oríta kan ṣoṣo ńkọ́?

Tíṣà Àgbà: Kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì, nítorí náà àpapọ̀ ẹnu gbogbo ìlú jẹ́ ìlọ́po méjì iye ọ̀nà. Ní Königsberg, márùn-ún àti mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ mẹ́rìnlá, afárá sì jẹ́ méje. Bí oríta kan ṣoṣo bá ní ẹnu tó ṣẹ́kù, àpapọ̀ náà kò ní pé méjì-méjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń jà fún "ẹnu" nínú ìwé Àdùkẹ́. Bí ọmọ bá ń ka ọ̀nà, yóò ka ọ̀nà kan náà ní oríta méjì, yóò sì rò pé òun ṣìṣe.

Ohun kan tún kù. Kí ẹnu pé méjì-méjì nìkan kò tó bí ìlú bá pín sí méjì tí ọ̀nà kankan kò so wọ́n pọ̀. Ẹ̀rí pé ó tó nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá so pọ̀, Euler kò kọ ọ́ tán. Hierholzer, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1873 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní kí o ṣáà máa rìn. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu pé méjì-méjì, ibi tó o ti gbéra nìkan ni ọ̀nà ti lè tán mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bí ọ̀nà kan bá ṣẹ́kù, wá oríta kan lójú ìrìn rẹ tó ní ẹnu tí o kò tíì gbà, bẹ̀rẹ̀ ìrìn mìíràn níbẹ̀ títí o fi padà dé ibẹ̀, kí o fi í bọ àárín ti àkọ́kọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi tán.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Búrẹ́dì ni mò ń pín kiri àdúgbò wa, ọ̀nà mẹ́ta níbẹ̀ ni kò já síbì kankan. Bí mo bá wọ ọ̀kan, ibi tí mo gbà wọlé náà ni mo máa gbà jáde. Ṣé òfin yín ń sọ pé mi ò lè ṣe é láìtún ọ̀nà rìn?

Tíṣà Àgbà: Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá ka ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí ẹyọ kan. Òpin ọ̀nà tí kò já ní ẹnu kan péré, mẹ́ta sì ju méjì lọ. Àmọ́ ṣé ilé wà lápá ọ̀tún àti òsì? Bí ẹ bá ń tà fún apá kan ní àlọ, tí ẹ sì ń tà fún apá kejì ní àbọ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti di méjì nìyẹn. Ẹnu oríta gbogbo yóò pé méjì-méjì, bó ti wù kí àdúgbò rí. Ìrìn tó máa gbé yín padà sílé wà dájú.

Ìyá Ìbejì: Ha! Apá kan lálọ, apá kan lábọ̀ ni mo ti ń ṣe látilẹ̀wá. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé mo máa ń parí sí ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Àdùkẹ́: Mo ti mú "ẹnu" àti "àrìntán". Fún ìkejì, "àyípo" kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ọmọ máa ya òbìrípo, bẹ́ẹ̀ ìrìn náà lè kọjá lórí ara rẹ̀ bó ṣe wù ú. "Àrìntán-bọ̀" ni mo máa lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ti dá ìṣòro kan sílẹ̀: ibi tí ọ̀nà kò ti já, tó ní ẹnu kan ṣoṣo, ṣé a lè pè é ní oríta?

Délé: A kò lè pè é bẹ́ẹ̀ láéláé. Oríta gbọ́dọ̀ ta sí apá mẹ́ta, ó kéré jù. Kí a lo "ojúkò".

Tíṣà Àgbà: Ojúkò kò ní ẹnu, Délé. Oríta ló ní ẹnu. Mo fẹ́ kí a fi oríta sílẹ̀, kí Àdùkẹ́ sọ lójú ewé àkọ́kọ́ pé nínú ìwé yìí, oríta lè ní ẹnu kan.

Akin: Èmi fara mọ́ ojúkò. Ẹ jọ̀ọ́, àbẹ̀wò-kárí tèmi ńkọ́, ṣé òun náà ní òfin ẹnu?

Tíṣà Àgbà: Kò ní. Ìbéèrè tìrẹ le ju èyí lọ fíìfíì. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí òfin kíkà tó rọrùn báyìí fún un. Fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, a máa nílò rẹ̀.