Máṣìn tí mo wò ní Mọ́níyà: ọ̀dà tuntun lọ́rùn rẹ̀

Olùkọ́ Apẹ̀tẹ̀: Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, owó mọ́tò ló ń gbé owó oṣù mi lọ. Ni mo bá lọ wo Bájáàjì 100 kan ní Mọ́níyà. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ti gbóná, ẹni tó fẹ́ tà á ti sítáàtì rẹ̀ kí n tó dé. Ìyẹn ti kọ́kọ́ kọ mí lóminú, torí mi ò lè mọ bóyá ó máa ń tètè sítáàtì tó bá tutù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ọrùn férémù, níbi tí hándù wọ̀ ọ́: ọ̀dà ibẹ̀ dúdú ju ti ibòmíràn lọ, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ sì rí gbágungbàgun lábẹ́ rẹ̀. Mo gùn ún díẹ̀, ó ń fà mí sósì. Mo dá a padà fún un. Àbí mo yára jù?

Ọmọ Mókólà: Ẹ ò yára. 100 ò tiẹ̀ lè gun òkè Mókólà, 150 ni kẹ́ ẹ rà. Máṣìn tó bá sì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, férémù rẹ̀ ti wọ́ nìyẹn.

Mẹkáníìkì Ọ̀jọ́ọ̀: Àbúrò, 100 mi ń gun òkè yẹn lójoojúmọ́. Tí mo bá gbé èèyàn méjì ló máa ń ké. Ẹni tó ń dá lọ síbi iṣẹ́ ò nílò 150, epo ló máa jẹ ẹ́.

Ti fífà yẹn, kì í ṣe férémù nìkan. Ẹnìkan gbé tiẹ̀ wá, ó ti ní férémù ti bà jẹ́. Wọ́n kàn fa ṣéènì rẹ̀ le ni, wọ́n yí nọ́ọ̀tì òsì ju tọ̀tún lọ. Àmì wà lára irin méjèèjì tó di táyà ẹ̀yìn mú: òsì wà lórí ìkarùn-ún, ọ̀tún lórí ìkẹta. Mo mú wọn dọ́gba, fífà tán.

Tí àmì bá dọ́gba tó ṣì ń fà, ẹ so okùn mọ́ ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, ẹ fà á gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ síwájú, kó fara kan táyà ẹ̀yìn dáadáa. Ẹ mú hándù tọ́. Àlàfo okùn sí táyà iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Tí kò bá dọ́gba, fóòkì tàbí férémù ni.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀kadà lẹ fẹ́ fi ṣe ni? Ẹ wo ìwé rẹ̀ o! Bíréèkì ló ṣe èmi. Wọ́n ti yí nọ́ọ̀tì bíréèkì ẹ̀yìn dópin, ẹni tó tà á ní “ó ń mú.” Ó mú lóòótọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mẹkáníìkì Ọ̀jọ́ọ̀: Ṣúù rẹ̀ ti jẹ tán nìyẹn, Màámi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣéènì: ẹ tẹ àárín rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí táyà. Tó bá dẹ̀ níbì kan tó le níbòmíràn, fífà á ò ṣe nǹkan kan.

Ọmọ Mókólà: Ẹ̀gbọ́n mi ń gun èyí tí wọ́n jó lọ́rùn o, ọdún kẹrin rèé.

Mẹkáníìkì Ọ̀jọ́ọ̀: Ó lè gbé e. Èmi ò ní gùn ún.

Olùkọ́ Apẹ̀tẹ̀: Ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí, ó ní òun máa yọ 40,000 náírà. Mi ò tíì dá a lóhùn.